Àlàfo aago mẹ́wàá alẹ́: àyẹ̀wò ọdún mi

Ọyẹ́ ti dé Akúrẹ́, ètè gbogbo wa ti ń là, mo sì tún jókòó láti ṣe àyẹ̀wò ọdún bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kọ́kọ́ fẹ́ tò ó ní oṣù-oṣù bíi ti èṣí. Mo kọ nípa oṣù kìíní, mo kọ nípa oṣù kẹta, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kò sí ohun tí mo rántí dáadáa lọ́dún yìí bí òru kan ní oṣù kẹsàn-án, àti ìwé hándófà tí mo kọ fún nọ́ọ̀sì tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dádì ní oṣù kejì. Ẹ ṣé tí ẹ pè, ẹ ṣé fún oúnjẹ tí ẹ gbé wá sí Ìjàpọ̀. Ìyẹn ṣì wúwo lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo lè sọ.

Wọ́ọ̀dù ọkùnrin ni mo wà, ṣífìtì alẹ́, àwa nọ́ọ̀sì méjì sí aláìsàn mẹ́rìnlélógún. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí òtútù àyà gbé wá, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. (Mo ti yí àwọn ohun tí èèyàn lè fi dá a mọ̀ padà.) Sẹfuróósíìmù, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ni dókítà kọ fún un, mílígíráàmù 750, sínú iṣan, ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ: aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọ rẹ̀ ra ìgò mẹ́fà ní ọjọ́ Túsìdeè, a sì bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo gbé tírè dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Mo fa omi iyọ̀ díẹ̀ láti fi dán káńúlà ọwọ́ rẹ̀ wò, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí oògùn ń gbà wọ inú iṣan, kí n tó po oògùn. Bí mo ṣe ń tì í, Bàbá pariwo, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Káńúlà ti yọ kúrò nínú iṣan, omi ń lọ sínú ẹran. Ohun tó yẹ ni mo ṣe: mo yọ ọ́, mo fi òwú tẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ náà lé orí ìrọ̀rí. Mo wá òmíràn nínú dúrọ́ọ̀, kò sí ìwọ̀n tí mo fẹ́. Mo ní kí n lọ tọrọ ní wọ́ọ̀dù kejì. Nítorí pé n kì í fi oògùn ẹnì kan sílẹ̀ lórí tírè tó lè pòórá tàbí kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo dá ìgò náà padà sínú àpótí oògùn Bàbá.

Mo ti ronú sí ìdápadà yẹn ju ohunkóhun lọ. Ó tọ̀nà. Àmọ́ ìgò tó wà lórí tírè nìkan ni ohun tó lè rán mi létí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kó o kúrò ní ojú. N kò kọ nǹkan kan sínú ṣáátì. N kò sọ fún ẹnìkejì mi. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tí ikọ́ ẹ̀fúùfù ti há lọ́rùn, tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ọ́síjìn, nẹ́búláísà, dókítà, dírìpù. Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa balẹ̀, aago méjìlá ti kọjá, Bàbá sì ti sùn.

Aago mẹ́ta òru ni mo tó mọ̀. Mo ń ka oògùn tó kù fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí n lè sọ fún àwọn ará ilé wọn láàárọ̀ ohun tí wọ́n máa rà. Ìgò mẹ́fà ni ọmọ Bàbá rà. Ó yẹ kí a ti fún un ní márùn-ún: méjì ọ̀sán àti mẹ́wàá alẹ́ Túsìdeè, mẹ́fà àárọ̀, méjì ọ̀sán àti mẹ́wàá alẹ́ Wẹ́sìdeè. Ó yẹ kí ó ku ẹyọ kan. Méjì ni mo bá. Mo ṣí ṣáátì, àlàfo aago mẹ́wàá wà níbẹ̀ láìsí ìbuwọ́lù.

Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n buwọ́ lù ú. Mo ń sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí. Yóò ku wákàtí mẹ́ta kí aago mẹ́fà lù, màá fún un ní ti aago mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ju èmi lọ. Nígbà náà ni Bàbá wúkọ́ láti ojú oorun, irú ikọ́ tó gùn, tó ń já lẹ́ẹ̀mejì kó tó dákẹ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ ní ilé wa láti Kérésì títí di oṣù kejì.

Mo gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀, mo sì gbé tẹmómítà.

Mo ní láti kọ́kọ́ rí i dájú pé lóòótọ́ ni a kò fún un, nítorí àlàfo nínú ṣáátì lè túmọ̀ sí ohun méjì: oògùn tí a kò fún, tàbí oògùn tí a fún tí a gbàgbé láti buwọ́ lù. Bí ènìyàn bá ṣìnà níbẹ̀, ó lè fún aláìsàn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Iye ìgò sọ pé a kò fún un. Ẹnìkejì mi sọ pé òun kò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ Bàbá kò sì ní káńúlà, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà fún un. Lẹ́yìn náà ni mo wo ara rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 37.9, ó ń mí ní ìgbà 22 ní ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn rẹ̀ 95. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, 38.6, 26, 93. Ìfúnpá rẹ̀ dúró ní 118 lórí 70, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já geere. N kò lè búra pé oògùn tí kò gbà ló fa ibà yẹn. Òtútù àyà fúnra rẹ̀ máa ń gbóná lóru. Àmọ́ n kò lè sọ pé kò sí lára rẹ̀.

Mo pe dókítà tó wà lórí kọ́ọ̀lù. N kò fi ọ̀rọ̀ yí po: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, sẹfuróósíìmù aago mẹ́wàá ti Bàbá òtútù àyà, a kò fún un. Káńúlà rẹ̀ yọ, mo lọ wá òmíràn, ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì dé, mo gbàgbé. Ó ti pẹ́ wákàtí márùn-ún.” Mo ka ohun tí mo rí lára rẹ̀ fún un, mo sì bi í bóyá kí n fún un báyìí, àti ìgbà tí èyí tó kàn máa jẹ́. Ó ní kí n fún un ní 750 kan lójú ẹsẹ̀, kí n má ṣe so méjì pọ̀, òun ń bọ̀.

Ìdí tí a kì í fi so méjì pọ̀ yé mi dáadáa ní òru yẹn ju ti ilé ẹ̀kọ́ lọ. Irú oògùn yìí kì í pa kòkòrò nítorí pé ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń pa á nítorí pé ó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n tó tó. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Nítorí náà, láti aago méjì ọ̀sán tí Bàbá ti gbà á kẹ́yìn, ìyókù tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Wákàtí tí kòkòrò fi sinmi ti lọ nìyẹn, ìlọ́po méjì kò lè rà á padà. Kí a tètè fún un ni ọ̀nà àbáyọ. Tó bá jẹ́ jẹ́ńtámáísìn, oògùn kòkòrò mìíràn, ni, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀, nítorí ìyẹn lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́ tó bá pọ̀ jù; dókítà ní láti ṣírò àkókò tó kàn kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ẹnìkejì mi ti rí káńúlà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Mo fi í sí ọwọ́ òsì, mo po oògùn, mo sì rọra tì í wọlé fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago mẹ́ta àbọ̀. Dókítà dé, ó gbọ́ àyà Bàbá, ó fi parasítámọ̀ sí i, ó sì yí àkókò padà sí mọ́kànlá àbọ̀ àárọ̀, méje àbọ̀ alẹ́, mẹ́ta àbọ̀ òru. Ní aago mẹ́rin àbọ̀ mo tún wò ó: 38.1, ìmí 24.

Nígbà tí mo jókòó láti kọ ìwé hándófà, ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni nọ́ọ̀sì àárọ̀. Ó máa ṣí ṣáátì ní aago mẹ́jọ, ó máa rí àlàfo ti mẹ́wàá alẹ́ àti ti mẹ́fà àárọ̀, ó sì lè fi inú rere fún Bàbá ní oògùn tí kò yẹ. Nítorí náà n kò fi àlàfo kankan sílẹ̀. Ní ti mẹ́wàá alẹ́, mo kọ “kò gbà á” àti ìdí rẹ̀. Ní ti mẹ́ta àbọ̀, mo kọ aago gan-an tí mo fún un. Dókítà fagi lé ti mẹ́fà, ó sì buwọ́ lù ú. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìwé náà, àmọ́ bó ṣe rí nìyí ní èdè wa:

“Bẹ́ẹ̀dì 9. A kò fún un ní sẹfuróósíìmù 750 ti aago 10 alẹ́. Káńúlà ọwọ́ ọ̀tún yọ, ọwọ́ wú. Mo lọ wá òmíràn, mo dáhùn ìpè pàjáwìrì, n kò padà, n kò sì fa iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo rí i ní aago 3 òru nígbà tí mo ka ìgò. Mo pe dókítà ní 3:10. Mo fún un ní 3:30, ẹyọ kan péré, káńúlà tuntun ọwọ́ òsì. Ẹ MÁ ṢE fún un ní ti aago 6. Èyí tó kàn jẹ́ 11:30 àárọ̀. Ìgò kan ló kù. Kí ọmọ rẹ̀ ra sí i kí ó tó di 7:30 alẹ́. Ẹ máa wo ìgbóná àti ìmí rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ìmí bá ju 26 lọ tàbí ọ́síjìn bá wálẹ̀ sí 92, ẹ pe dókítà. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ ọ̀tún tó wú. A ó sọ fún Bàbá láàárọ̀ yìí. Fọ́ọ̀mù ìṣẹ̀lẹ̀ wà lórí tábìlì Mátírọ̀n.”

Gbólóhùn tó ní “n kò sì fa iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́” ni ó gbà mí lákòókò jù. Mo kọ́kọ́ kọ “ọwọ́ dí.” Òótọ́ ni, ọwọ́ dí. Àmọ́ kò sọ ibi tí okùn ti já fún ẹni tó máa kà á.

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Bàbá kí n tó kúrò. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, oògùn tó yẹ kí ẹ gbà ní aago mẹ́wàá alẹ́ àná, mo gbàgbé rẹ̀. Ẹ ti gbà á ní òru. Ẹ dárí jì mí, sà.” Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ìwọ lo wá jí mi lóru, àbí? Dìde.” Ọmọ rẹ̀ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, a rìn dé Ọjà Ọba ká tó rí oògùn yẹn rà, ẹ wá tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí?” N kò ní èsì. Mo jẹ́ kó bínú tán, mo sì sọ ohun tí dókítà ṣe fún un.

Ibà Bàbá lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ó lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mátírọ̀n, tó ka fọ́ọ̀mù mi tán kó tó sọ̀rọ̀, tó sì bi mí pé kí ló wà lórí tírè dípò kó bi mí pé kí ló ṣe mí. Láti ìgbà náà, tí oògùn bá dúró nítorí káńúlà, a máa ń so ṣáátì aláìsàn mọ́ ara tírọ́lì pẹ̀lú kílíìpù pupa, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ ọ́ títí oògùn yóò fi wọlé. Ní aago méjìlá òru, ẹnìkejì ẹni máa ń wo ṣáátì ẹni fún àlàfo. Kì í ṣe gbogbo alẹ́ ni ó ṣeé ṣe. Tí a bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sí ẹnìkejì. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé, màá sì tún sọ ọ́ ní oṣù kìíní.

Ìṣọ́ òru ọdún tuntun máa bá mi lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Aláìsàn mẹ́ta ló ní oògùn aago mẹ́wàá. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni màá lọ wo káńúlà wọn.