Ẹ kọ́kọ́ wo etí rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa yíyọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ Photoshop, ẹ máa ń bi mí pé èwo ló dáa jù nínú Magic Wand, Quick Selection àti Pen láti fi yọ nǹkan kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò. Ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi ni pé etí nǹkan náà ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa lò. Etí kan ṣoṣo sì lè fẹ́ ju irinṣẹ́ kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bàtà awọ dúdú tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lórí páálí funfun. Àwọ̀ nìkan ni Magic Wand ń wò. Tẹ́ ẹ bá tẹ páálí náà, ó máa kó gbogbo ibi tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ibi tẹ́ ẹ tẹ̀. Tolerance ló ń sọ bí àwọ̀ náà ṣe máa jọra tó: 32 ló máa ń wà níbẹ̀, lórí òṣùwọ̀n 0 sí 255. Bí páálí bá funfun dọ́gba, iṣẹ́ ti parí lápá òkè nìyẹn. Ṣùgbọ́n páálí kì í sábà funfun dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá gbé Tolerance sókè kó lè kó ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ó lè wọnú bàtà gba ibi tí iná ti mú kí awọ máa dán. Ẹ má yọ àmì kúrò lójú Contiguous, torí láìsí i, ó máa kó àwọn ibi dídán tó wà láàárín bàtà pẹ̀lú.

Quick Selection ló yẹ irú páálí bẹ́ẹ̀. Ẹ fà á lórí bàtà fúnra rẹ̀, á wá ààlà lọ. Ibi tó ti máa ń ṣìnà ni abẹ́ bàtà: àtẹ̀lẹ̀ dúdú, òjìji náà dúdú. Ó máa kó òjìji mọ́ bàtà. Tẹ́ ẹ bá di Alt mú láti yọ òjìji, ó máa bù lára àtẹ̀lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ibì kan náà lẹ ń fi kún, tẹ́ ẹ tún ń yọ, ẹ dáwọ́ dúró. Kò sí ààlà tí kọ̀ǹpútà lè rí níbẹ̀, ojú yín nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni Pen ti wúlò. Ẹ fi ohun tí Quick Selection kó sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ yan Path lókè, kì í ṣe Shape, kí ẹ tọ etí àtẹ̀lẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orí ìka, kí ẹ wá yí gba abẹ́ òjìji padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìlà ti yí ojú padà nìkan ni kí ẹ fi àmì sí. Bí àmì bá pọ̀ jù, etí á máa rí gbágungbàgun. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku, ẹ yan Make Selection, kí ẹ sì mú Subtract from Selection. Òjìji á kúrò, àtẹ̀lẹ̀ á dúró.

Ẹ má fi Pen tọ irun tàbí wajawaja aṣọ. Select and Mask ni kí ẹ lò fún irú ìyẹn.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi Layer Mask bo páálí tó wà lẹ́yìn bàtà dípò kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ wá tẹ́ àwọ̀ pupa sábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà funfun tín-ín-rín bá yí bàtà ká, ẹ ti ààlà náà wọlé ní píkísẹ́lì kan.