Ọ̀ka, ọkà, ọká: bí a ṣe ka pátákó oúnjẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Kàlábà la gbéra n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, a gba Ọ̀yọ́ kọjá, ìgbà tí mọ́tò fi máa já wa sílẹ̀ ní Tákíè n'Ògbómọ̀ṣọ́, ebi ti ń pa wá gidi gan-an, la bá yà sí búkà kan. Ọ̀rẹ́ mi yìí ò gbọ́ Yorùbá rárá, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan edé, tó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ètè ẹ̀ máa wú ni, mo ti fojú mi rí i. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ nǹkan tí kò bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Pátákó dúdú kan wà lára ògiri, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà, kò sámì kankan lórí ẹ̀: OKA, EKO, OBE ATA, EDO, ABULA. Kí n tó jókòó ọ̀rẹ́ mi ti ya fọ́tò ẹ̀, ó ti fi áàpù ìtumọ̀ kà á. Áàpù yẹn kọ́kọ́ rò pé èdè míì ni, a ní láti fọwọ́ ara wa mú Yorùbá fún un. Ló bá ní OKA jẹ́ ejò, EKO jẹ́ ìlú Èkó, OBE jẹ́ èyí tí a fi ń gé ẹran, EDO sì jẹ́ ìpínlẹ̀ tí Bìní wà. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó ní ṣé ejò ni wọ́n ń sè níbí ni?

Ẹ wò ó, iṣẹ́ méjì ni áàpù yẹn ń ṣe. Ó máa kọ́kọ́ ka lẹ́tà inú fọ́tò, lẹ́yìn náà ló máa wá ìtumọ̀. Lẹ́tà tó kà ò sí èyí tó ṣì nínú ẹ̀, àmì tí ẹni tó kọ ọ́ ò fi sí i ló dàrú mọ́ ọn lójú, torí ọ̀ka la máa jẹ, ọkà la máa gbìn, ọká la máa sá fún. Mo bá tẹ orí fọ́tò náà kí ọ̀rọ̀ tó kà lè jáde, mo kọ́pì í, mo fọwọ́ fàmì sí i, mo tún ní kó túmọ̀ ẹ̀. Báyìí ni ọbẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ṣe bọ́ sípò.

Àbùlà ò bọ́ sípò o. Ó ní nǹkan tí wọ́n bomi là ni. Kò kúkú parọ́, a máa ń sọ pé ẹmu àbùlà, àmọ́ ó dùn mí pé ọ̀rẹ́ mi ń bi mí bóyá ọbẹ̀ wọn ò dáa, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ tí mo torí ẹ̀ pè é wá nìyẹn. Irú orúkọ báyìí, ṣe la máa fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ká wá sọ nǹkan tí wọ́n fi ṣe é àti bó ṣe máa dé inú abọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù fún un: gbẹ̀gìrì ni ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè, tí wọ́n jọ̀ títí ó fi kúnná, ewédú ni ewé tí wọ́n fi kán-ún sè, tí wọ́n fi ìjábẹ̀ jà títí ó fi ń yọ̀, wọ́n á da méjèèjì lé ọ̀ka, ọbẹ̀ ata á wá gun orí ẹ̀.

Ọ̀ka gan-an tún ku ìbéèrè kan, mo bá bi ìyá olóúnjẹ léèrè. "Màmá, ọ̀ka wo lẹ rò lónìí?"

"Láfún ni, ọmọ mi. Ti èlùbọ́ ṣì wà lórí iná."

Orúkọ kan, oúnjẹ méjì. Pákí tí wọ́n rẹ sómi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀, ni láfún, funfun ni. Iṣu gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ni èlùbọ́, ó máa ń dúdú tí wọ́n bá rò ó. Pátákó ò sọ èyí, fọ́tò ò lè sọ ọ́.

Ti edé ló kù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sí lórí pátákó rárá. Tí mo bá ní ṣé edé wà níbẹ̀, bóyá ewédú nìkan ni Màmá máa rò pé mò ń sọ, ni mo bá ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Irú nìkan ló wà nínú ewédú. Gbẹ̀gìrì ò ní edé. Ọbẹ̀ ata ni mo fi í sí."

Inú ọbẹ̀ ata yẹn lẹran náà wà, a ní kí wọ́n gbàgbé ẹran. Màmá fọ ṣíbí tuntun kó tó bu gbẹ̀gìrì àti ewédú fún un, ó fi ẹyin sísè méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún. Ọ̀rẹ́ mi ya fọ́tò abọ́ náà, ó ní kí n bá òun kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì, mo kọ ọ́: àbùlà láfún, láìsí ọbẹ̀ ata.