Ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀, àti ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́

Èmi ni mo máa ń bá ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan níbí ní Àjàṣẹ́ ṣírò máàkì àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé. Ohun méjì la ń pa pọ̀: máàkì konkúù, tó wà lórí 100, àti mọyẹ́nì tí ọmọ gbà ní kọ̀léèjì, tó wà lórí 20. A ní láti kọ́kọ́ sọ mọyẹ́nì di ìlọ́po 5 kí méjèèjì lè wà lórí 100. Lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà náà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń fi 8 pín máàkì JAMB tó wà lórí 400, kó lè di 50. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ṣì kù.

Ká ní ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí konkúù kó 60, kí mọyẹ́nì kó 40. Ọmọ kan wá láti Kétu, ó gba 71 ní konkúù, mọyẹ́nì rẹ̀ jẹ́ 12,5. Èkejì wá láti Ṣábẹ̀ẹ́, ó gba 56, mọyẹ́nì rẹ̀ jẹ́ 15. Tí a bá rò ó bẹ́ẹ̀, ọmọ Kétu ní 67,6, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní 63,6.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo àwọn tó jókòó ṣèdánwò. Ní konkúù, ààrin máàkì wọn jẹ́ 50, wọ́n sì ń fi bíi 15 jìnnà sí i, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ní mọyẹ́nì, ààrin jẹ́ 13, àlàfo ibẹ̀ kò ju 1 lọ, ìyẹn 5 péré lórí 100. Ibi tí máàkì ti fọ́nká ló ń pín àwọn ọmọ sí ipò. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ti 15 jẹ́ 9. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ti 5 jẹ́ 2. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 11, 2 péré ló jẹ́ ti mọyẹ́nì: mọyẹ́nì tí a pè ní 40 kò wá kó tó 20 nínú 100 mọ́.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń yọ ààrin kúrò nínú máàkì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi àlàfo pín ohun tó kù, kí n tó fi ìwọ̀n sí i. Ọmọ Kétu á ní 1,4 ní konkúù àti −0,5 ní mọyẹ́nì, àpapọ̀ rẹ̀ 0,64. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ á ní 0,4 àti 2, àpapọ̀ rẹ̀ 1,04. Òun ló wá ṣíwájú, bí ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́ gan-an. Lórí Excel tó ń sọ Faransé, fún ọgọ́rin ọmọ, tí konkúù bá wà lábẹ́ B, tí mọyẹ́nì sì wà lábẹ́ C:

```
=0,6*(B2-MOYENNE(B$2:B$81))/ECARTYPE.PEARSON(B$2:B$81)+0,4*(C2-MOYENNE(C$2:C$81))/ECARTYPE.PEARSON(C$2:C$81)
```

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà dán ìṣirò yín wò: ẹ yọ mọyẹ́nì kúrò pátápátá, kí ẹ tún to orúkọ. Tí àwọn tó wọlé kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, ó ṣeé ṣe kí mọyẹ́nì má máa ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Ìṣirò yìí kò wo gbogbo àrùn sàn o. Bí kọ̀léèjì kan bá ń há 17 fún gbogbo ọmọ rẹ̀, tí òmíràn sì le koko débi pé 13 ni olórí kíláàsì ń gbà, pípín pẹ̀lú àlàfo kò lè tún ìyẹn ṣe. Nítorí náà ni mo ṣe ń wo ipò ọmọ nínú kíláàsì tirẹ̀ lórí búlútẹ̀ẹ́nì, pẹ̀lú iye ọmọ tó wà níbẹ̀, kí n tó gba 40 yẹn láàyè.