Wá ìyá owó tí báńkì yọ

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò kéékèèké tún ìwé owó wọn ṣe ní Ìbàdàn, sítétímẹ́ǹtì báńkì sì ni ìwé tí mò ń kà jù. Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù tí mo kọ́ nídìí rẹ̀ ni èyí: owó tí báńkì bá yọ dà bí ọmọ, ó gbọ́dọ̀ ní ìyá. Ìyá rẹ̀ ni ohun tí ẹni tó ni àkáǹtì ṣe, tí owó náà fi jáde. Bí mo bá rí ọmọ lórí ìlà kan tí n kò rí ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró.

Ẹ wo tíránsífà lásán. Ẹ fi ₦18,000 ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ₦25, ẹ óò sì rí ₦1.88 tí wọ́n kọ `VAT` sí. Ìlànà tí CBN gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020, sọ pé owó tíránsífà kò gbọdọ̀ ju ₦10 lọ bí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kò bá ju ₦5,000. Kò gbọdọ̀ ju ₦25 lọ títí dé ₦50,000. Bó bá kọjá ìyẹn, ₦50 ni òpin. `VAT`, ìyẹn owó-orí ìjọba, jẹ́ 7.5% owó iṣẹ́ tí báńkì gbà, kì í ṣe 7.5% owó tí ẹ fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ìlà `VAT` fúnra rẹ̀ máa ń tú àṣírí. Ẹ fi 0.075 pín in, iye tó bá jáde ni owó iṣẹ́ tó bí i. Bí ₦3.75 bá wà níbẹ̀, ₦50 ló bí i. Bí ẹ bá wá ₦50 yẹn lókè àti nísàlẹ̀ tí ẹ kò rí i, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ nìyẹn.

₦50 mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti báńkì rárá, ti ìjọba ni, lórí owó tó bá tó ₦10,000 sókè. Kó tó di ọdún 2026, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án. Ẹni tó bá ń ka sítétímẹ́ǹtì àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ rántí èyí, torí ibi tí èèyàn ti ń wá ìyá rẹ̀ ti yí padà.

Àwọn tó rọrùn nìwọ̀nyẹn. Èyí tó ń fara pa mọ́ ni owó tó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ìyá rẹ̀ sì fọ́n ká gbogbo oṣù. Àǹtí mi kan tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì fún ọjà, ó sì tún ní àkáǹtì ìfowópamọ́ ní báńkì kan náà. Ó pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ń gé owó mi, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń gé e fún.” Mo ní, “Ẹ má bínú mà. Ẹ jẹ́ kí báńkì fi ti oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín, kó jẹ́ èyí tó ṣeé ṣí nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì.”

Ní oṣù kẹta, ìlà kan wà tí wọ́n kọ `ACCT MAINT FEE` sí: ₦1,260. `VAT` rẹ̀ jẹ́ ₦94.50. Owó ìtọ́jú àkáǹtì nìyẹn, orí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ló sì ti tọ́; kò sí i lórí àkáǹtì ìfowópamọ́. Òpin rẹ̀ ni ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá mú jáde fún ẹlòmíràn, tàbí tó bá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara rẹ̀ ní báńkì mìíràn. ₦1,260 fi hàn pé ₦1,260,000 ni wọ́n ṣírò lé lórí, gbogbo owó tí àǹtí mi mú jáde lóṣù náà sì nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ₦400,000 nínú rẹ̀ ló gbé lọ sí àkáǹtì ìfowópamọ́ ara rẹ̀, ní báńkì kan náà. Ìyẹn kò yẹ kó wọ inú ìṣirò. ₦860,000 ló yẹ kí wọ́n ṣírò, kí owó ìtọ́jú sì jẹ́ ₦860, kí `VAT` jẹ́ ₦64.50. Bí a bá ka `VAT` mọ́ ọn, wọ́n fi ₦430 gba owó jù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kan. Ó ń dùn mí gan-an, torí ẹni tó ń tọ́jú owó sápá kan ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó tọ́jú owó.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni owó tó ń jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí. Bí ẹ bá ń ka sítétímẹ́ǹtì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ṣe tò, ẹ kò ní tètè rí i, torí ọjà àti tíránsífà yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n tò ó gẹ́gẹ́ bí iye owó. Kíá ni iye kan náà yóò dúró tira wọn. Ti àǹtí mi, ₦1,500 ló jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ọjọ́ 14 oṣù kẹta, ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ náà yẹ̀ díẹ̀, torí pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka oṣù. `WEB` tó wà nínú àlàyé rẹ̀ fi hàn pé káàdì ni wọ́n lò lórí ayélujára. Ọmọ rẹ̀ ló fi káàdì náà san owó ẹ̀kọ́ orí fóònù nígbà tó ń múra ìdánwò. Ó ti ṣe ìdánwò náà tán tipẹ́.

Ẹ má rò pé iye gbọ́dọ̀ bára mu kó tó jẹ́ irú èyí o. Bó bá jẹ́ dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó náà, náírà rẹ̀ yóò máa yí padà lóṣooṣù. Nítorí náà, lẹ́yìn tí mo bá ti tò ó gẹ́gẹ́ bí iye, mo tún máa ń tò ó gẹ́gẹ́ bí àlàyé, kí orúkọ kan náà lè kóra jọ.

Ibi tí èyí ti ń dá dúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Èyí tó ń gba orí káàdì, ẹ kọ́kọ́ fagi lé e lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba owó, kí ẹ tó ní kí báńkì ti káàdì náà pa bí ó bá ṣe orí kunkun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì ni ẹ fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa yọ owó lórí rẹ̀, bí àwọn ayánilówó ṣe máa ń ṣe, káàdì tuntun kò ní dá a dúró. Ìwé àṣẹ yẹn gan-an ni kí ẹ ní kí wọ́n fagi lé. Bí ẹ bá sì ṣì jẹ gbèsè náà, fífagi lé àṣẹ kò pa gbèsè rẹ́.

Fún ₦430 yẹn, lẹ́tà kúkúrú ni mo bá àǹtí mi kọ sí báńkì. A kọ ọjọ́, iye tí wọ́n yọ, iye tó yẹ kí wọ́n yọ àti bí a ṣe ṣírò rẹ̀, a sì bèèrè fún nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ má ṣe kọ “wọ́n ń gé owó mi” nìkan, torí èsì tí kò ní nọ́ńbà nínú ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ fi lẹ́tà náà àti nọ́ńbà ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí CBN ní `cpd@cbn.gov.ng`. Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá o. Ní ti ₦1,500, a fagi lé e lórí fóònù ọmọ náà, mo sì ní kí àǹtí mi tún gba sítétímẹ́ǹtì lẹ́yìn ọjọ́ márùndínlógójì, kí ó lè kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n ń kà.