Kí ó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́

Láàárọ̀ yìí ní Ìlọrin, olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní ọkọ̀ wíwà mú ṣọ́ọ̀kì dípò kọ́kọ́rọ́, ó sì ya tírélà kan tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, mítà 40 sí iwájú wa.

Ó ní: “Bí ẹ bá ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ọkọ̀ yóò ti lọ tó mítà 14 kí ẹsẹ̀ yín tó kan búréèkì, búréèkì fúnra rẹ̀ yóò sì gba bíi 14 mìíràn lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ẹ ó dúró kí ẹ tó dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 100 ńkọ́?”

Ọ̀gbẹ́ni kan, tó jọ pé ó ti ń wakọ̀ lábẹ́lẹ̀, dáhùn pé ìlọ́po méjì ni. Olùkọ́ mi orí. Ti ẹsẹ̀ nìkan ló di ìlọ́po méjì, mítà 28. Ti búréèkì di ìlọ́po mẹ́rin, mítà 56, nítorí náà mítà 12 péré ni búréèkì yóò fi ṣiṣẹ́ kí a tó kan tírélà náà, eré wa yóò sì ṣì tó nǹkan bí 90.

Bí òjò bá rọ̀, ó ní kí a fi àyè ìlọ́po méjì sílẹ̀ fún ọkọ̀ iwájú, pàápàá bí ojú táyà bá ti jẹ.