Owó aṣọ ẹbí tó há sí báńkì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa KYC

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi akáǹtì orí fóònù gbowó ọjà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Aṣọ ni mò ń tà n'Íbàdàn. BVN àti nọ́ńbà fóònù nìkan ni mo fi ṣí akáǹtì mi, báńkì wá ń tẹ̀ mí láago pé kí n wá ṣe KYC, mi ò dá wọn lóhùn.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé aṣọ ẹbí ìnáwó kan fún mi, 14,000 lẹ́nì kan, kálukú ń san tiẹ̀. 4,500 ló wà nínú akáǹtì tẹ́lẹ̀. Èèyàn mọ́kànlélógún san, ó di 298,500, ẹnì kejìlélógún san, ó di 312,500, bí mi ò ṣe lè fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá tí mo ti ń ra ọjà ní Gbági mọ́ nìyẹn.

Mo sáré lọ sí báńkì, inú ń bí mi gan-an. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà ní, "Mọ́mì, 'Know Your Customer' ni KYC, ìyẹn ni pé kí báńkì mọ oníbàárà ẹ̀. Ìpele kìíní ni akáǹtì yín wà, owó inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 300,000 lọ. Ẹ tún wò ó, èèyàn méjìlélógún láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ń san iye kan náà sínú akáǹtì tá ò mọ ilé ẹni tó ni ín. Bí ti àwọn gbájúẹ̀ náà ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lójú báńkì, owó aṣọ ẹbí àti owó tí wọ́n lù ní jìbìtì, bákan náà ni wọ́n rí, àfi tí wọ́n bá mọ ẹni tó ń gbà á, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ibi tó ń gbé. Látọdún 2013 ni CBN ti pín akáǹtì sí ìpele mẹ́ta: ìpele kejì ò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ, ìpele kẹta ò ní gbèdéke, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wádìí ilé ẹni.

Mo kó NIN, fọ́tò àti bíìlì iná tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ. Ibi tó ti wọ́ nìyí: orúkọ bàbá mi ló wà lórí BVN, tọkọ mi ló wà lórí NIN, wọ́n ní kí n mú sátífíkéètì ìgbéyàwó wá kí n sì lọ tún BVN ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán ẹnì kan wá wo ilé. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko lowó yẹn fi há, aṣọ ò tètè dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìnáwó, ó dùn mí wọra.

Ẹ lọ wo orúkọ yín lórí BVN àti NIN lónìí o, bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe kówó tó wọlé. Tẹ́nì kan bá sì pè yín pé òun fẹ́ bá yín ṣe KYC, tó wá ń béèrè PIN tàbí OTP, ẹ gé fóònù mọ́ ọn létí. Ìwé tó máa fi yín hàn ni báńkì ń béèrè, ọmọbìnrin yẹn ò bi mí ní PIN rárá.