Bírò Kẹrin

Ìkòròdú, alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Òjò ọ̀sán lé wa wọ inú kíláàsì tí wọ́n yá wa láti máa fi ṣe ìdánrawò. Àwa mẹ́ta péré ni: èmi, ọmọkùnrin tó ń ṣe òǹtàwé, àti ọmọbìnrin tó ń ṣe oníbàárà rẹ̀. Ariwo òjò lórí páànù ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa, nítorí náà mo jókòó, mo ka ìwé eré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Eré kékeré ni. Ọkùnrin kan ń ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sábó. Onítìjú ni. Obìnrin kan ń wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn kọ́kọ́ kọjá "èló ni?" ni gbogbo eré náà dá lé. Mo rò pé òru ọjọ́ kan ni n óò fi kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.

Bí mo ṣe kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ nìyí, kí n má purọ́:

OBÌNRIN: Ẹ káàsán. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá síbí, àmọ́ a ò tíì sọ̀rọ̀ rí.
ÒǸTÀWÉ: Òótọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Nígbà tí mo kọ ọ́, ó dùn mọ́ mi. Ìgbà tí ọmọkùnrin náà kà á sókè ni àṣírí tú. Ó kà á tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹni tójú ń tì náà ló ń sọ èyí?" Mi ò rí èsì fún un. Ẹni tó bá lè la ẹnu sọ fún obìnrin tí kò mọ̀ rí pé ojú ń ti òun, kí ló wá kù tó ń tì í lójú?

Mo bá lọ bẹ òǹtàwé kan ní Sábó pé kó jẹ́ kí n jókòó ti òun láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ó gbà, ó fún mi ní àpótí kan. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi dìde, èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé mo ti bá ẹni tí mò ń wá pàdé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kì í wo ojú oníbàárà. Ọwọ́ wọn ló ń wò. Tí ẹnì kan bá bi í ní ìbéèrè tí kì í ṣe ti ọjà, àkísà ló máa ń mú, yóò máa nu ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú ìkíni. "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá," "Àṣẹ o," ó dáhùn bí ẹni tí kò ní ìtìjú kankan. Ó jọ mí lójú fún ìgbà díẹ̀, kó tó yé mi. Ìkíni wa ti wà ní sísè kalẹ̀, ẹni tí a kí kò ní láti ronú ohun tó máa fèsì. Ìgbà tí ìkíni bá tán ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí eré mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni mo rò lé lórí jù nígbà tí mo délé. Bí àwọn àgbàlagbà bá dé, "ẹ" ló ń lò fún wọn. Bí ọmọ iléèwé bá dé, "o" ni. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dúró níwájú rẹ̀, kò lo ọ̀kankan. Tó bá ní "ẹ", ó ti sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n. Tó bá ní "o", ó ti fojú di í, tàbí kó jọ pé ó fẹ́ súnmọ́ ọn jù. "Àǹtí" pàápàá wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ń tún ọ̀rọ̀ tò kó má bàa kan ibẹ̀: "Búlúù ni àbí dúdú?" "Ká fi sí láílọ́ọ̀nù?" "Igba náírà ni." Ẹ wá "ẹ" tàbí "o" nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí. Mo ti ń sọ Yorùbá láti kékeré, mi ò kíyè sí i rí pé èèyàn lè ta ọjà odindi ọ̀sán kan lọ́nà yìí.

Mo gbé e wọ inú eré. Òǹtàwé mi kò ní pe obìnrin náà ní ohunkóhun títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn. Bí ó ṣe rí nísinsìnyí nìyí:

OBÌNRIN: Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá.
ÒǸTÀWÉ: Àṣẹ.
(Ó ń nu ìwé tó ti nù tẹ́lẹ̀.)
OBÌNRIN: Mo fẹ́ bírò.
ÒǸTÀWÉ: Búlúù?
OBÌNRIN: Búlúù.
(Ó mú ọ̀kan. Kò nà án sí i.)
ÒǸTÀWÉ: Bírò kẹrin rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
OBÌNRIN: Ẹ ń kà á?
ÒǸTÀWÉ: Iṣẹ́ mi ni... ìwé kíkà.

Obìnrin náà bi í bóyá ó ń ka iye bírò, òun fi "kà" kan náà sá wọnú ìwé. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. (Inú mi ò sì dùn pé kì í ṣe èmi ni mo rò ó. Ọmọkùnrin náà ló ṣèèṣì sọ ọ́ nígbà tó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.)

Ọmọbìnrin náà fẹ́ kí òun sọ pé "Ò ń kà á?" Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í ṣe wàhálà yẹn. A fà á díẹ̀. Mo sọ fún un pé ọjọ́ tí "ẹ" bá di "o" láàárín àwọn méjì yìí, eré mìíràn ni ọjọ́ náà, a ò gbọdọ̀ ná an lónìí. Ó ṣì ń kùn.

Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé "Ẹ ń kà á?" gba àkókò wa jù. Lórí ìwé, kò gba ààyè kankan. Mo ní kí ọmọkùnrin náà kà á nínú ọkàn, ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó fèsì. Nígbà tó kà á dé márùn-ún, ó jọ pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kà á dé ení péré, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìtìjú mú un. Ẹ̀ta ló bá a mu, ṣùgbọ́n nítorí pé bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Nínú ẹ̀dà kejì, ó ti kọ́kọ́ na bírò náà sí i. Obìnrin náà gbà á, ó sì dúró láìsí ohun tó dá a dúró, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró. Láti ìgbà tí a ti fi bírò sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ obìnrin náà ti rí ìdí tí kò fi lè lọ. Mo tún fi ohùn kọ̀ndọ́ kún un láti ẹ̀yìn pé "Kẹ́tù, Máìlì 12!", kí àwọn méjèèjì lè rí ibi tí wọn yóò kọjú sí.

Kí n má gbàgbé ti ibi tí mo ti lọ tẹ ìwé náà. Gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló ti fò lọ. Ọmọbìnrin náà gbé e, ó kà á bó ṣe rí i: "Àjẹ́ á wọgbá." Ọmọkùnrin náà, tí kò fọkàn sí i, dáhùn pé "Àṣẹ!" A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó fi bírò pupa dá àmì padà sórí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìparí ló ṣẹ́kù. Mo kọ́kọ́ ní kí òǹtàwé náà kọ rìsíìtì, kó lè fìyẹn béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní, "Ta ló ń gba rìsíìtì bírò igba náírà?" Mo yọ ọ́. Mo wá rántí páálí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtàwé ti Sábó, ibi tó ń kọ ṣéńjì tó jẹ àwọn èèyàn sí. Kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń kọ: "Ìyá Onígèlè", "Tíṣà Gíga".

ÒǸTÀWÉ: Ṣéńjì ò sí.
OBÌNRIN: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
(Ó mú páálí. Ó ń kà á jẹ́jẹ́.)
ÒǸTÀWÉ: Ọ̀ọ́dúnrún, ọ̀ọ́dúnrún, ọ̀ọ́dúnrún... Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló wà níbí tẹ́lẹ̀.
(Obìnrin náà yọjú wo páálí.)
OBÌNRIN: Ta ni Oníbírò?
(Ení, èjì, ẹ̀ta.)
ÒǸTÀWÉ: Kí lorúkọ yín?

Ọmọkùnrin náà ló ṣe ìṣirò rẹ̀ sókè fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin yìí ti mú 500 náírà wá ra bírò 200, kò gba ṣéńjì rí. Owó rẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ti tó ra bírò mẹ́rin, yóò sì ṣẹ́kù. Ó tún mú 500 mìíràn wá. "Ẹ ò wá ní láti kọ ìdí tó fi ń padà wá nìyẹn," ó wí. Mo ti kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀ lórí ìdí yẹn. Mo fà á ya níwájú wọn.

Nígbà tí òjò dá, a ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Nínú ìwé, obìnrin náà kò fẹnu dáhùn ìbéèrè orúkọ. Ó máa gba páálí, ó máa fi bírò tuntun náà fa igi lé "Oníbírò", ó máa kọ orúkọ ara rẹ̀, àwa tó ń wòran ò ní rí i. Ó gba páálí, ó fa igi. Bírò ò yọ. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ ẹ, ó fi ha àtẹ́lẹwọ́, kò yọ. Mo ti fẹ́ pariwo pé ká tún un ṣe, àmọ́ ọmọkùnrin náà ò wò mí. Ó mú bírò mìíràn nínú agolo, ó kọ́kọ́ fi ha àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bóyá ó ń yọ, ó wá nà án sí i. Ọmọbìnrin náà gbàgbé pé eré là ń ṣe, ó ní, "Èló ni?" Ọmọkùnrin náà mirí.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé báyìí. Mo ti wá bírò gbígbẹ méjì sínú àpò ohun èlò, nítorí ọ̀kan lè ṣèèṣì yọ lọ́jọ́ náà.